Ṣé bátìrì yóò pẹ́ ju gbèsè lọ? Ìṣirò owó ọdọọdún ẹ̀rọ amúnáwá, epo àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn nínú ilé kan ní Ìfọ̀nyìn

1. Ìbéèrè tó bí iṣẹ́ yìí

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, wà ní ẹkùn Plateau ní ìlà-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìgòlò, tí í ṣe ẹnu ibodè sí Nàìjíríà, wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Ìkẹjà wá sí Ṣakẹ́tẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé tó wà lẹ́yìn ìlú ni òpó iná SBEE kò tíì dé. Ohun tó ń tanná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ amúnáwá kékeré, èyí tí àwa tí a gbọ́ Faransé ń pè ní gúrúpù, àti epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí epo páyò.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé wọ̀nyí ni mo ti gbọ́ ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn níbí. Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé ibẹ̀. Màmá onílé ń ta gàrí lọ́jà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó ti sọ fún un pé àwọn lè yá a ní 300,000 fáráǹkì kó fi ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀rọ amúnáwá wà nílẹ̀, wọ́n ti rà á, wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lórí rẹ̀. Màmá wá yíjú sí mi, ó ní: “Ọmọ mi, ìwọ tó o ń ka ìwé, bá wa ṣírò rẹ̀. Èwo ló ń jẹ wá lówó jù lọ́dún?”

Mo ti rò pé ìdáhùn yóò rọrùn, àti pé lóòótọ́ ó rọrùn bí ó bá jẹ́ pé iye owó ọdún kan ṣoṣo ni a ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, mo rí i pé ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn èyí tí màmá béèrè, òun gan-an ló sì ń pinnu bóyá ilé kan yóò jèrè tàbí yóò kábàámọ̀. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé bátìrì yóò pẹ́ ju gbèsè tí a fi rà á lọ?

2. Ohun tí ilé náà ń lò lálẹ́

Kí a tó mọ iye owó iná, a ní láti mọ iye iná. Gílóòbù márùn-ún ló wà nínú ilé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáátì 7. Tẹlifíṣọ̀n kan wà tó ń lo wáátì 40, fáànù kan tó ń lo wáátì 50, àti fóònù mẹ́rin tí wọ́n ń gba iná sí lálaalẹ́. Wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ ní aago méje alẹ́, wọ́n sì máa ń pa á ní aago mọ́kànlá ààbọ̀.

Bí a bá fi wáátì ohun kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́, tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilé náà ń lo nǹkan bíi 580 wáátì-wákàtí lálẹ́ kan. Èyí ju ìdajì kílówáátì-wákàtí lọ díẹ̀. Kódà bí gbogbo nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò ju wáátì 150 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí pé ẹ̀rọ amúnáwá tó wà nínú ilé náà lè gbé wáátì 650.

3. Ẹ̀rọ amúnáwá: owó tí a rí àti owó tí a kò rí

Ẹ̀rọ náà jẹ́ irú kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Iye owó tí wọ́n fi rà á ni gbogbo ènìyàn rántí: 60,000 fáráǹkì. Epo tó ń mu ni ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, nítorí pé ìgò-ìgò ni wọ́n ń rà á, lónìí ìgò kan, lọ́la ìgò méjì, látinú owó ọjà ọjọ́ náà.

Láti mọ iye epo náà, a kò gba ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì gbọ́, nítorí pé ìgò tí wọ́n ń pè ní lítà kan kì í kún tó lítà nígbà gbogbo. Ìgò omi lítà kan ààbọ̀ tí ilé iṣẹ́ dì ni a fi wọn epo sínú táǹkì. Epo ìgò kan náà ló tó fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí wọ́n fi ń tanná, ìyẹn lítà kan fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí a fi áyọ́ọ̀nù aládùúgbò kan dán an wò, tí ẹ̀rọ sì gbé ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agbára rẹ̀, lítà kan gbé e tó wákàtí méjì. Iná tó mú jáde ti ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n epo tó mu kò tó ìlọ́po méjì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kí iná tó ń jáde tó lè wà ní 50 hẹ́ẹ̀tì, irú ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ máa yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìbáà ṣe gílóòbù kan ló gbé tàbí ogún. Púpọ̀ nínú epo náà ni ẹ̀rọ ń jẹ láti máa yí ara rẹ̀. Ilé tó ń lo wáátì 150 lórí ẹ̀rọ wáátì 650 dà bí ẹni tó háyà mọ́tò ńlá láti gbé apẹ̀rẹ̀ gàrí kan lọ sí ọjà.

Nísinsìnyí a lè ṣírò ọdún kan. Kì í ṣe gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ. Ó máa ń bàjẹ́, owó sì máa ń wọ́n nígbà mìíràn. Mo fi alẹ́ 300 ṣe é. Lítà kan ààbọ̀ lọ́nà 300 jẹ́ lítà 450. Iye owó epo páyò ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. 600 fáráǹkì fún lítà kan ni mo lò. Ẹni tó bá ń rà á ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò fi 22,500 fáráǹkì kún iye ọdún náà fún àádọ́ta fáráǹkì kọ̀ọ̀kan tó bá gorí lítà.

Lítà kan ọ́ìlì ni a ń pò mọ́ àádọ́ta lítà epo, nítorí náà lítà 450 yóò gba lítà mẹ́sàn-án ọ́ìlì. Púlọ́ọ̀gì, okùn tí a fi ń fa ẹ̀rọ, àti fífọ kábúrétọ̀ tí ìdọ̀tí epo dí, gbogbo rẹ̀ wá sí nǹkan bíi 14,000. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 1,350 lọ́dún, kì í sábà kọjá ọdún méjì kó tó di èyí tí owó àtúnṣe rẹ̀ ń ju iye rẹ̀ lọ. A ó pín 60,000 sí méjì.

| Ẹ̀rọ amúnáwá | Fáráǹkì lọ́dún |
|---|---|
| Epo, lítà 450 | 270,000 |
| Ọ́ìlì, lítà 9 | 18,000 |
| Àtúnṣe | 14,000 |
| Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ | 30,000 |
| Àpapọ̀ | 332,000 |

Epo nìkan jẹ́ ìpín mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tí bàbá ní “a ti rà á” kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń ná wọn. Epo tí wọ́n ń rà fún kílówáátì-wákàtí kan ń lọ sí nǹkan bíi 1,550 fáráǹkì, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní mítà SBEE, tí kò sì lo iná púpọ̀, kò san tó 150 fáráǹkì fún iye iná kan náà.

4. Pánẹ́ẹ̀lì: owó tí a san kí iná tó tàn

Ohun tó mú pánẹ́ẹ̀lì ṣòro ni pé gbogbo owó rẹ̀ ló ń jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti inú oṣù tó burú jù, kì í ṣe láti inú oṣù tó dára jù. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni ìkùukùu ń pọ̀ jù. Ní àkókò yẹn, oòrùn ọjọ́ kan tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú ogójì oòrùn kíkún. Nínú iná tí pánẹ́ẹ̀lì sì mú wá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ ń sọnù nínú ooru, nínú eruku, nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú ínfátà. Fún wáátì-wákàtí 580, èyí béèrè pánẹ́ẹ̀lì tó tó wáátì 250.

Bátìrì náà jẹ́ oníjẹ́ẹ̀lì, fóòtì 12, ámpíà-wákàtí 150. Nínú rẹ̀ ni wáátì-wákàtí 1,800 wà. Ohun tí ilé náà yóò mú níbẹ̀ lálẹ́, pẹ̀lú èyí tí ínfátà ń jẹ, kò ju 650 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta àti díẹ̀. Èmi kò fẹ́ kó ju ìdajì lọ, fún ìdí tí a ó rí níwájú.

Gbogbo ohun èlò náà wá sí 300,000 fáráǹkì: pánẹ́ẹ̀lì 60,000, bátìrì 130,000, régúlátọ̀, èyí tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọ bátìrì, 25,000, ínfátà 35,000, wáyà, irin tí a gbé pánẹ́ẹ̀lì lé, àti owó iṣẹ́, 50,000. Gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ẹ̀rọ amúnáwá, a ó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye ọdún tó lè lò.

| Pánẹ́ẹ̀lì àti ohun tó bá a rìn | Fáráǹkì lọ́dún |
|---|---|
| Pánẹ́ẹ̀lì, ọdún 20 | 3,000 |
| Bátìrì, ọdún 3 | 43,300 |
| Régúlátọ̀, ọdún 5 | 5,000 |
| Ínfátà, ọdún 5 | 7,000 |
| Wáyà, irin àti iṣẹ́, ọdún 10 | 5,000 |
| Àpapọ̀ | 63,300 |

Pánẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo ènìyàn ń wò lórí òrùlé, ni ó wọ́n kéré jù lọ́dún. Bátìrì, tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ni ó gba ìpín méje nínú mẹ́wàá. Ohun mìíràn tún wà tó yà mí lẹ́nu. Bí a bá yọ epo kúrò nínú ìṣirò ẹ̀rọ amúnáwá, ohun tó kù, ìyẹn ọ́ìlì, àtúnṣe àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, jẹ́ 62,000. Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ń fún ilé yìí ní epo lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dín owó ju pánẹ́ẹ̀lì lọ lọ́dún.

5. Kí ló dé tí wọn kò fi rà á tipẹ́?

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gbogbo ilé ti ní pánẹ́ẹ̀lì kí epo tó wọ́n. Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀ ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo owó tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá lóṣooṣù.

Kó tó di ọdún 2023, nǹkan bíi 350 fáráǹkì ni lítà epo páyò. Ìjọba Nàìjíríà ló ń ran owó epo lọ́wọ́ ní tiwọn, àǹfààní yẹn sì ń ṣàn kọjá ibodè dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí kò tó 200 náírà fún lítà ní Nàìjíríà ti ń lọ sí nǹkan bíi 500. Ní ìhà tiwa, páyò fò sókè kọjá 600 fáráǹkì.

Ní 350 fáráǹkì, ilé tí a ń wí yìí ń ná 14,625 lóṣù lórí epo àti ọ́ìlì. Ká ní wọ́n yá 300,000 nígbà náà, tí wọ́n sì ń san gbèsè náà látinú owó epo tí wọn kò rà mọ́. BCEAO, báǹkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná fáráǹkì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti pàṣẹ pé èlé ilé iṣẹ́ awínni-lówó kéékèèké kò gbọdọ̀ ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo fi iye tó ga jù yẹn ṣe é, ìyẹn ìdá 2 lóṣù lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù. Gbèsè náà yóò gba oṣù 27 kó tó tán.

Bí bátìrì bá pé ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́sàn-án péré ló kù fún wọn láti fi tọ́jú owó. Oṣù mẹ́sàn-án yẹn yóò fún wọn ní nǹkan bíi 131,600, tí í ṣe owó bátìrì tuntun gan-an. Wọn yóò ti ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ fún ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ kò sí kọ́bọ̀ kan tó kù lọ́wọ́. Bí bátìrì bá sì kú ní oṣù kejìdínlógún, tó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, wọn yóò ṣì jẹ nǹkan bíi 115,000, wọn yóò sì tún máa wá 130,000 fún òmíràn. Gbèsè yóò gun orí gbèsè. Ẹni tó kọ̀ láti wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022 kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó mọ bí owó ilé rẹ̀ ṣe rí.

Ní 600 fáráǹkì, epo àti ọ́ìlì di 24,000 lóṣù. Gbèsè kan náà, èlé kan náà, yóò tán ní oṣù 15, wọn yóò sì máa san 23,350 lóṣooṣù, tí kò tó ohun tí wọ́n ń ná lórí epo tẹ́lẹ̀. Bí bátìrì bá kú ní oṣù kejìdínlógún, gbèsè ti tán, oṣù mẹ́ta sì ti fi 72,000 sílẹ̀ fún wọn, tó ju ìdajì bátìrì tuntun lọ. Bó bá pé ọdún mẹ́ta, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn yóò ju 500,000 lọ.

Nítorí náà, ohun tí ọdún 2023 yí padà kọ́ ni èyí tó dín owó jù lọ́dún. Pánẹ́ẹ̀lì ló dín owó jù ṣáájú, òun náà ló dín owó jù lẹ́yìn. Ohun tó yí padà ni pé gbèsè ti kúrú ju ẹ̀mí bátìrì lọ, kódà bátìrì tí kò pẹ́. Ẹ sì kíyè sí i pé ìṣirò yìí kò ka iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ amúnáwá rárá. Bàbá lè ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Epo nìkan ti tó láti san gbèsè náà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Àwọn awínni-lówó kan máa ń ní ìdá 2 lóṣù, ṣùgbọ́n orí gbogbo 300,000 ni wọ́n ń ka èlé náà títí dé òpin, kì í ṣe orí ohun tó ṣẹ́ kù. Ní oṣù 15, èlé yẹn yóò jẹ́ 90,000 dípò nǹkan bíi 50,000, owó oṣù kan yóò sì di 26,000, tó ti ju owó epo lọ. Ohun tí a ó béèrè kí a tó fọwọ́ sí ìwé ni èyí: “Bí mo bá san ìdajì gbèsè yìí tán, ṣé èlé oṣù tó tẹ̀ lé e yóò dín kù sí ìdajì?”

6. Ohun tó ń pa bátìrì, àti bí a ṣe ń mọ̀

Bí ẹ̀mí bátìrì bá jẹ́ kókó ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń gbà á. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń rí jù.

Èkíní ni fífà á gbẹ. Bátìrì oníjẹ́ẹ̀lì tí a kò fà kọjá ìdajì lálẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìgbà ẹgbẹ̀rún kan, ìyẹn ọdún mẹ́ta. Èyí tí a ń fà dé ìsàlẹ̀ lálaalẹ́ lè má ṣe ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ibi tí àṣìṣe sì ti ń wọlé ni pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń so ínfátà mọ́ bátìrì tààrà. Régúlátọ̀ kò wá lè dá a dúró mọ́, ínfátà fúnra rẹ̀ kò sì ní pa ara rẹ̀ títí bátìrì yóò fi dé nǹkan bíi fóòtì 10.5, nígbà tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ra mítà fóòtì kékeré, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀ kí oòrùn tó là, tí ohunkóhun kò sì ń fa iná. Bí ó bá wà ní 12.4 sókè, kò séwu. Ní 12.2, ìdajì ti lọ. Bí ó bá ń wà ní 11.8 tàbí kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta léraléra, ohun kan ti ń jẹ ju pánẹ́ẹ̀lì lọ nínú ilé náà.

Èkejì ni ẹrù tí a fi kún un lẹ́yìn. Fìríìjì kékeré kan ń jẹ nǹkan bíi wáátì-wákàtí 1,000 lọ́jọ́ kan. Pánẹ́ẹ̀lì wa kò lè mú ju 600 wá ní oṣù kẹjọ. Bí fìríìjì bá kún ohun tí ilé ń lò, ìlò di 1,580, bátìrì kò sì ní kún mọ́ láéláé. Kò ní kú lọ́jọ́ kan. Yóò máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, onílé yóò sì máa bú ẹni tó tà á fún un.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Bí bátìrì bá ń gbé níbi tó fi ìwọ̀n 10 gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ, ẹ̀mí rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbé e sókè lábẹ́ páànù. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, lórí pákó, ni ààyè rẹ̀.

Bátìrì ayédèrú náà wà lọ́jà. Èyí tó bá jẹ́ ámpíà-wákàtí 150 lóòótọ́, òjé ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílò 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ kan gbé e wọlé, ẹ má ra á. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n gàrí kí ẹ tó sanwó.

Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, kò béèrè ju kí a kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kí a jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, kí a sì nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òjìji má ṣe kàn án. Òjìji imọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo lórí igun rẹ̀ lè gba púpọ̀ nínú iná gbogbo pánẹ́ẹ̀lì náà, nítorí pé àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan: èyí tí òjìji bò ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù.

7. Ibi tí ìṣirò yìí kò dé

Ìlò kékeré, lálẹ́, ni ìṣirò yìí wà fún. Kò kan ẹni tó ń jórin, ẹni tó ń lọ ata tàbí ẹni tó ń fa omi kànga. Àwọn wọ̀nyí ń béèrè agbára ńlá fún àkókò kúkúrú, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń gbé ẹrù kíkún kò sì fi epo ṣòfò bíi ti ilé tí a wò. Bákan náà, bí òpó SBEE bá ti wà nítòsí, kí onílé kọ́kọ́ béèrè iye tí wọn yóò gbà láti fà á wọlé, nítorí pé nínú gbogbo ọ̀nà tí a dárúkọ, iná yẹn ló pọ́ọ́kú jù lọ́dún.

Owó tí kò wọ inú tábìlì náà wà. Epo tí a ń tọ́jú sínú ilé léwu. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ilé ìkópamọ́ epo páyò kan ní Sẹmẹ̀-Podji, níbodè kan náà tí tiwa wà lórí rẹ̀, ó kéré tán ènìyàn 34 ló kú. Èmi kò mọ bí a ti ń pín ìyẹn sí ọdún kọ̀ọ̀kan.

Mo ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí fún màmá àti bàbá nínú àgbàlá wọn. Bàbá béèrè ohun kan ṣoṣo: “Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?” Mo ní: “Ẹ ó pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, bàbá, gílóòbù nìkan ni ẹ ó tàn. Bí kò bá sì tó, ẹ ó tan ẹ̀rọ yín fún alẹ́ náà. Ẹ má tà á.” Wọ́n yá owó náà, lẹ́yìn tí màmá ti padà lọ béèrè bí wọn yóò ṣe ka èlé. Wọ́n so mítà fóòtì mọ́ ara ògiri, ọmọkùnrin wọn tó wà ní kíláàsì kẹfà ló sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé láràárọ̀. Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, oṣù mẹ́rin ti kọjá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nọ́ńbà tó kéré jù nínú ìwé náà sì jẹ́ 12.3.